Orí Kan, Òǹtẹ̀ Kan: Ọ̀rọ̀ tó Yẹ Kó Wà Lórí Káàdì Èènì Onígbàjámọ̀

Káàdì èènì ni káàdì pélébé tí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ń fún oníbàárà, tí wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ sí nígbàkúùgbà tó bá wá gẹ irun. Bí òǹtẹ̀ bá ti pé iye tí wọ́n kọ sí i, oníbàárà yóò gba èrè, èyí tó sábà máa ń jẹ́ irun gígẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Èènì fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì lọ́jà Yorùbá. Ẹni tó ra gààrí mọ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn òṣùwọ̀n tán, bí olùtajà bá sì gbàgbé, òun fúnra rẹ̀ á béèrè. Ṣùgbọ́n èènì ọjà máa ń parí lójú ẹsẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ olùtajà bí yóò ti pọ̀ tó, kò sì sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́ bí ó bá kéré. Èènì orí káàdì yàtọ̀ sí ìyẹn. Gbèsè ni. Oníbàárà ti san owó rẹ̀ níwájú fún oṣù mélòó kan kó tó di ọjọ́ tí yóò gba èrè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ sórí káàdì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí tọ̀tún-tòsì ní. Ìdí nìyí tí gbólóhùn díẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ fi tọ́ sí ìrònú ju àwọ̀ àti àwòrán kílípà tó ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ lọ.

Ká mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. 2,000 náírà ni àgbàlagbà ń san fún irun orí, 1,000 náírà ni ti ọmọdé, 500 náírà sì ni fún irùngbọ̀n nìkan. Oní-ṣọ́ọ̀bù fẹ́ ṣe káàdì, ó sì ti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sínú ìwé pé: "Gẹ irun mẹ́wàá, ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́."

Gbólóhùn yìí dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjì ló ní. Ẹnì kan lè kà á pé irun mẹ́wàá ni òun yóò gẹ̀ lápapọ̀, tí òun yóò sanwó mẹ́sàn-án, tí ìkẹwàá yóò jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹlòmíràn á kà á pé òun yóò sanwó mẹ́wàá, ìkọkànlá ló di ọ̀fẹ́. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Irú ìṣòro yìí tètè máa ń bá ẹni tó ń ka nǹkan ní Yorùbá, nítorí àṣà ìkà tiwa máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà ọrún ń jẹ́ ọjà ọjọ́ márùn-ún nítorí pé wọ́n ka ọjà tòní mọ́ ọn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la á rí i pé ọjọ́ kẹrin ni wọn yóò tún ná an. Bákan náà ni "òní ọjọ́ mẹ́jọ" ń di ọ̀sẹ̀ kan péré. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìyàtọ̀ ìkà yìí máa ń hàn ní ọjọ́ tó burú jù, ìyẹn ọjọ́ tí oníbàárà ti jókòó, tí wọ́n ti gẹ̀ ẹ́ tán, tó dìde láìmú owó jáde, tí ẹni tó gẹ irun rẹ̀ sì na ọwọ́ sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí káàdì má ka irun, kí ó ka òǹtẹ̀, kí ó sì sọ irun tí ọ̀fẹ́ bọ́ sí: "Bí gbogbo ojú òǹtẹ̀ bá ti kún, irun tí ẹ bá wá gẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ "lẹ́yìn rẹ̀" ló gbé iṣẹ́ náà. Ẹni tó ka gbólóhùn yìí kò ní retí pé ọjọ́ tí òǹtẹ̀ ìkẹyìn wọlé gan-an ni òun yóò lọ láìsanwó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan iye òǹtẹ̀. Bí èrè bá wà lẹ́yìn òǹtẹ̀ márùn-ún, ọ̀kan nínú irun mẹ́fà ni ṣọ́ọ̀bù ń fi tọrẹ, èyí tó tó nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó yẹ kó wọlé. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn mẹ́wàá, ọ̀kan nínú mọ́kànlá ni, nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ kì í lè fara da ti àkọ́kọ́ pẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá náà ní ìṣòro tirẹ̀. Irun orí máa ń hù ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà kan lóṣù tàbí kó lé díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí orí òun mọ́ roro á máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹni tí kò ka èyí sí á máa wá lóṣooṣù. Oníbàárà ọlọ́sẹ̀ méjì yóò gba òǹtẹ̀ ìkẹwàá ní ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ rẹ̀ á bọ́ sí ogún ọ̀sẹ̀. Èyí jìnnà. Káàdì tí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, tí ojú mẹ́sàn-án sì ṣófo, rọrùn láti jù sínú dírọ́ọ̀ kí a sì gbàgbé.

Ìwádìí kan tí Joseph Nunes àti Xavier Drèze tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 wúlò gan-an níbí. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, káàdì 300 ni wọ́n sì pín. Ìdajì àwọn oníbàárà gba káàdì olójú mẹ́jọ tí kò ní òǹtẹ̀ kankan. Ìdajì kejì gba káàdì olójú mẹ́wàá tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ méjì sí kó tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ni gbogbo wọn yóò fọ ọkọ̀ kí wọ́n tó jèrè, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀ nínú owó. Síbẹ̀, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló kún nínú káàdì ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí 34 nínú ọgọ́rùn-ún kún nínú ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tó bá rí i pé òun ti wà lójú ọ̀nà kì í fẹ́ padà sẹ́yìn. Àwọn olùwádìí náà tún fi hàn pé ó yẹ kí ìdí wà fún òǹtẹ̀ àfitọrẹ ọ̀hún. Bí wọ́n bá kàn lù ú síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kì í ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn wa yìí ṣe káàdì olójú méjìlá, tó sì lu òǹtẹ̀ sí méjì ṣáájú. Irun mẹ́wàá náà ni owó rẹ̀ yóò wọlé, ìdá kan nínú mọ́kànlá náà ni ìtọrẹ. Ìdí rẹ̀ wà lórí káàdì ní gbólóhùn kan: "Òǹtẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, láti fi kí yín káàbọ̀."

Ibì kan wà tí irun ti yàtọ̀ sí nǹkan tí wọ́n ń mu tàbí tí wọ́n ń fọ̀. Ran Kivetz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí àwọn tó ń ra kọfí ní Yunifásítì Columbia, wọ́n sì rí i pé bí káàdì ṣe ń súnmọ́ kíkún ni àwọn ènìyàn ń tètè padà wá. Ẹni tó ku ife méjì fún lè mu méjèèjì lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tó lè gẹ irun tí kò tíì hù. Káàdì onígbàjámọ̀ kò lè sọ ọ̀sẹ̀ méjì di ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí oníbàárà yóò jókòó sí nígbà tí irun bá hù ló lè pinnu. Oní-ṣọ́ọ̀bù tó bá ń retí pé káàdì yóò sọ owó òun di ìlọ́po méjì máa já kulẹ̀. Èyí tó bá ń retí pé àwọn tó ń yà lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì yóò dín kù, òun ló mọ iṣẹ́ tí káàdì lè ṣe.

Ìbéèrè tó tún máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ohun tó tọ́ sí òǹtẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá kan lè kó ọmọkùnrin mẹ́ta wá, kí òun náà sì jókòó gẹ irun tirẹ̀. Ṣé òǹtẹ̀ kan ni, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n wá? Àbí mẹ́rin, nítorí pé orí mẹ́rin ni wọ́n gẹ̀? Bí káàdì bá wí pé "òǹtẹ̀ kan fún ìbẹ̀wò kan," bàbá yìí ni yóò pàdánù, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni oníbàárà tó dára jù tí ṣọ́ọ̀bù ní. Gbólóhùn tó bá iṣẹ́ yìí mu ni "Orí kan, òǹtẹ̀ kan." Ó kúrú, ó ṣeé rántí, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Irùngbọ̀n nìkan kì í gba òǹtẹ̀, káàdì sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé káàdì ẹni tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún irùngbọ̀n 500 náírà yóò kún láàárín oṣù méjì ààbọ̀ pẹ̀lú 5,000 náírà péré.

Ti ọmọdé le díẹ̀ sí i. Orí ọmọdé orí ni, ṣùgbọ́n ìdajì owó ló ń mú wá. Bí bàbá bá fi òǹtẹ̀ àwọn ọmọ kún káàdì, tó sì gba èrè rẹ̀ sórí ara rẹ̀, ọmọdé ló san, àgbàlagbà ló jẹ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń tẹ káàdì ọmọdé lọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn, èyí sì dára ju kí wọ́n máa lu ìdajì òǹtẹ̀, nítorí ìdajì òǹtẹ̀ kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí méjèèjì bára mu. Orúkọ èrè nìkan ló yàtọ̀.

Ní ti èrè, iṣẹ́ ni kí káàdì dárúkọ, kí ó má dárúkọ owó. "Ẹ̀bùn 2,000 náírà" dà bí ohun tó ṣe kedere lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ogún ọ̀sẹ̀ kọjá, epo ti gbówó lórí, irun orí ti di 2,500, oníbàárà tó rò pé òun ń bọ̀ wá gẹ irun lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n tún ń béèrè 500 lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò ní dùn, kò sì jẹ̀bi. "Irun orí kan lọ́fẹ̀ẹ́, iye yòówù kí ó jẹ́ lọ́jọ́ náà" máa ń ná ṣọ́ọ̀bù ní owó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó pa ìlérí mọ́. Bí rírẹ irun láró tàbí fífọ irun kò bá sí nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti sọ ọ́. Òfin Ìfigagbága Ọjà àti Ààbò Oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 kò fàyè gba kí oníṣòwò sọ ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa iṣẹ́ tàbí iye owó, káàdì kékeré kò sì bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí.

Ohun kan wà tí kò ní hàn lórí káàdì, àmọ́ tó máa ń ba káàdì jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń di kílípà mú kì í ṣe oní-ṣọ́ọ̀bù. Ńṣe ni òun àti ọ̀gá jọ ń pín owó orí kọ̀ọ̀kan. Bí oní-ṣọ́ọ̀bù bá ṣèlérí ọ̀fẹ́ láìsan ìpín ẹni tó ṣiṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà ló san èènì ọ̀hún láti inú àpò ara rẹ̀. Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Oníbàárà tó mú káàdì kíkún wá á máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń gun àga, wọ́n á sì gẹ̀ ẹ́ ní ìkánjú nígbà tó bá kàn án. Kí oní-ṣọ́ọ̀bù san ìpín náà ní pípé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gẹ irun ọ̀fẹ́. Owó yìí gan-an ni iye tí káàdì ń ná an, òun ló sì yẹ kó ti ṣírò kó tó tẹ káàdì.

Ọjọ́ tí káàdì yóò kú náà gbọ́dọ̀ hàn. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ, nítorí pé ó tó fún oníbàárà ọlọ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gẹ irun lóṣooṣù yóò lo oṣù mẹ́wàá gbáko kó tó dé ibi ọ̀fẹ́, káàdì olóṣù mẹ́fà sì ń tàn án jẹ láti ọjọ́ tó gbà á. Ọdún kan ló gba gbogbo wọn. Kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọjọ́ náà sórí káàdì nígbà tí wọ́n bá ń fún un, pẹ̀lú ọjọ́, oṣù àti ọdún. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá lè gẹ irun ọ̀fẹ́ lásìkò tí èrò pọ̀, bí ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú Kérésìmesì, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá kọ́kọ́ gbọ́ lórí àga, irọ́ ló máa ń pè é.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Káàdì tó ń dán kì í tètè fa tàdáwà mu, òǹtẹ̀ á máa ràn lórí rẹ̀. Èyí tí kò dán ló dára, ní ìwọ̀n mìlímítà 85 sí 55, kí ó lè wọ àpò owó. Òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lọ gbẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́-òǹtẹ̀ etí títì kò tó nìkan; kí ẹni tó gẹ irun kọ ọjọ́ àti àmì ìfọwọ́sí rẹ̀ kékeré sórí rẹ̀. Kí ìwé ńlá kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ àti iye òǹtẹ̀ sí. Ìwé yìí ni yóò dáhùn lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní káàdì òun bá aṣọ wọ omi.

Gbólóhùn ìránnilétí ló kù, òun ló sì nílò ìfọwọ́rọra jù. Àkókò rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìránnilétí tó dé ní ọjọ́ kẹwàá bá orí tí kò tíì hu irun; ọ̀sẹ̀ méjì ló tọ́ fún ẹni tó ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan fún ẹni tó ń wá lóṣooṣù, ìwé ńlá yẹn ló sì mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn Mùsùlùmí tó fẹ́ pa ẹran Iléyá kì í gẹ irun láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Dhul-Hijja títí wọn yóò fi pa ẹran. Ọ̀rọ̀ tó bá ń pè wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò mọ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Kó dé ṣáájú kí oṣù tó lé, tàbí kó dúró títí ọdún yóò fi kọjá.

Ohun tó yẹ kó sọ ni iye òǹtẹ̀, kì í ṣe bí orí oníbàárà ṣe rí. "Irun yín ti kún" lè jẹ́ òtítọ́, àbùkù ni. "Òǹtẹ̀ méjì ló ṣẹ́kù" kò bu ẹnikẹ́ni kù. Bí káàdì bá ti kọjá ìdajì, ìyókù ni kí wọ́n tẹnu mọ́. Bí kò bá tíì dé ìdajì, èyí tó ti wọlé ni. "Ó ku mẹ́sàn-án" máa ń mú ọ̀nà gùn lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ìránnilétí bá gba orí fóònù lọ, àmì ohùn di ọ̀rọ̀ owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ, ọ, ṣ tàbí á bá ti wọ inú rẹ̀, ó máa ń já sí 70, èyí tó bá sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ di àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń san owó ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń kọ ọ́ láìsí àmì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣa ọ̀rọ̀ tí kò ní yí padà nígbà tí àmì bá bọ́ sílẹ̀. "E ku ise" lè di ìkíni fún iṣẹ́, ó sì lè di ìkíni fún ìṣẹ́. "O ku kan" lè mú kí ẹni tó ń kà á yára dúró kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ikú ni wọ́n ń sọ. "E kaaro" àti "seku" kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀:

```
E kaaro o. Onte 10 ti wa lori kaadi yin, 2 lo seku. A wa ni soobu lati aago 9 aaro de 8 ale. Bi e ko ba fe atejise wa mo, e fesi: RARA.
```

Èyí kò tó lẹ́tà 140, àyè sì wà fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìkíni. Láti orí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ti fi ránṣẹ́, kí èsì lè padà síbẹ̀. "Ẹ" ni wọ́n fi bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ ogún ọdún tó ń gẹ irun ló ń kọ̀wé sí bàbá àádọ́rin ọdún. Gbólóhùn ìkẹyìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: Òfin Ààbò Ìsọfúnni Ara Ẹni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má fi nọ́ńbà òun polówó fún òun mọ́, ẹni tó bá sì fèsì "RARA" gbọ́dọ̀ kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Báyìí ni ẹ̀yìn káàdì àgbàlagbà ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn náà ṣe wá rí nígbẹ̀yìn:

"Orí kan, òǹtẹ̀ kan. Irùngbọ̀n nìkan kò ní òǹtẹ̀; orí ọmọdé ní káàdì tirẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, láti fi kí yín káàbọ̀. Bí ojú méjèèjìlá bá ti kún, irun orí tí ẹ bá wá gẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, iye yòówù kí ó jẹ́ lọ́jọ́ náà. Irun ọ̀fẹ́ kò ní òǹtẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀fẹ́ yín ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. A kì í gẹ irun ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú Kérésìmesì. Káàdì yìí yóò parí ní ọjọ́ ……. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé."

Kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ irú rẹ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fún oníbàárà mẹ́ta kà lórí bẹ́ǹṣì, kí ó sì dákẹ́. Ìbéèrè yòówù tí wọ́n bá béèrè, ìdáhùn rẹ̀ ni kí ó kọ sórí káàdì kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.